Ẹ má ní kí kọ́sítọ́mà bá yín kọ ẹ̀rí, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta

Bí ẹ bá ṣí sítátọ́ọ̀sì àwọn aránṣọ lórí Wásáàpù láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ ò ní í ṣàìrí i. Àwòrán ìyá ìyàwó nínú léèsì, gèlè rẹ̀ ga, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Aránṣọ á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kọ́sítọ́mà mi rèé o, inú wọn dùn gan-an sí iṣẹ́ mi." Ó parí síbẹ̀. Ta ló wá sọ pé inú wọn dùn? Aránṣọ fúnra rẹ̀ ni. Ìyá ìyàwó kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń wo àwòrán náà. Obìnrin kan ni, ó ti ra léèsì olówó gọbọi, ó sì ń wá ẹni tó máa bá a rán an. Kì í ṣe bóyá aṣọ tó wà nínú àwòrán yẹn rẹwà ló ń dà á láàmú, ojú rẹ̀ ti rí ìyẹn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé: ṣé ọjọ́ tí aránṣọ yìí bá dá ló máa gbé aṣọ jáde? Ṣé kò ní í gé e kéré? Ṣé àjákù léèsì máa padà sọ́wọ́ mi? Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ń rí lọ́dọ̀ aránṣọ nílẹ̀ yìí. Àwòrán ò lè dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè wọ̀nyẹn. Ẹni tó ti gbé aṣọ fún aránṣọ náà rí nìkan ló lè dáhùn wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó máa ń sọ pé "iṣẹ́ mi ló ń sọ̀rọ̀ fún mi" fi jàre díẹ̀, tí wọ́n sì jẹ̀bi díẹ̀. Iṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í sọ bí ọjọ́ ṣe lọ kí iṣẹ́ tó parí.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti gbìyànjú láti gba ẹ̀rí lẹ́nu oníbàárà. Wọ́n á ní: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi kọ nǹkan kékeré nípa iṣẹ́ mi." Oníbàárà á fèsì pé, "Ó dáa, ọmọ mi, màá kọ ọ́." Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, méjì á kọjá, kò sí nǹkan kan. Oníṣẹ́ á wá máa rò ó pé bóyá inú wọn ò dùn tó bí wọ́n ṣe sọ, tàbí pé èèyàn ò mọ oore. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ìgbà, inú oníbàárà dùn dáadáa. Bí ẹ ṣe béèrè ló sọ ọ́ di ẹrù.

Ẹ gbé ara yín sípò ìyá yìí. Ẹ ní kó kọ "nǹkan kékeré." Kí ni nǹkan kékeré? Ṣé ìlà méjì ni àbí ojú ìwé kan? Ṣé Yorùbá ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Bó bá jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò ní í fẹ́ kí àṣìkọ kankan jáde lórúkọ òun. Bó bá jẹ́ oníṣòwò ọjà Gbági ni, ó lè má fẹ́ kí aráyé mọ iye tó náwó sí aṣọ. Kò mọ ibi tí ẹ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sí, kò sì mọ ẹni tó máa kà á. Gbogbo èyí ló ń rò nígbà tó dì í dọ̀la. Ọ̀la ò sì dé mọ́.

Àwọn tó bá tiẹ̀ kọ ọ́, ohun tí wọ́n máa ń kọ ni pé: "Iṣẹ́ yín dára, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á máa bù sí i." Ẹ ṣe àmín, torí àdúrà gidi ni. Àmọ́ àdúrà kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà dá a mọ̀. Ẹ bo orúkọ yín mọ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ wá wò ó bóyá ó lè bá bíríkìlà mu, tàbí onígbàjámọ̀, tàbí ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Bó bá bá gbogbo wọn mu, kò tíì jẹ́rìí sí yín. Ẹ̀bi oníbàárà kọ́ nìyẹn o. Ìbéèrè gbọọrọ tó fẹ̀ bí pápá lẹ bi í, ó sì fi àdúrà kún un bí ọmọlúàbí ṣe máa ń ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká tún ṣe ni ìgbà tí a ń béèrè. Aránṣọ tó béèrè ẹ̀rí lọ́jọ́ tó gbé aṣọ lé oníbàárà lọ́wọ́ ti yá jù. Wọn ò tíì wọ aṣọ náà jó. Síìpù lè já níbi ayẹyẹ, ojú rírán sì lè tú. Ẹni tó dúró di oṣù méjì ti pẹ́ jù, torí wọ́n á ti gbàgbé bí ẹ ṣe pè wọ́n kí wọ́n wá wọ̀ ọ́ wò àti bí ẹ ṣe tún apá rẹ̀ ṣe. Bí ayẹyẹ bá bọ́ sí Sátidé, láàárín ọjọ́ Mọ́ńdè sí Ọjọ́bọ̀ ló dáa jù. Àwòrán ti ń wọlé sórí fóònù nígbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ sì ti ń bi wọ́n léèrè. Bí ìyá bá fúnra rẹ̀ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ pé, "Ọmọ mi, gbogbo èèyàn ló ń béèrè ẹni tó rán aṣọ yìí," àkókò ti tó nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ló bá wá, ẹ kọ́kọ́ tún aṣọ ṣe. Ẹ má béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń bínú.

Iṣẹ́ kì í dọ́gba o. Alásè lè béèrè lọ́jọ́ kejì, torí ọbẹ̀ ò ní í dùn ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gbé iná sólà sílé èèyàn ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí tí onílé á fi lo iná náà lálẹ́ tí òòrùn ò ràn lójúmọ́. Ìlànà kan náà ni: ẹ béèrè lẹ́yìn tí ohun tí wọ́n sanwó fún ti ṣẹlẹ̀ sí wọn, kó tó kúrò lọ́kàn wọn.

Ohun kejì ni bí a ṣe ń béèrè, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan n'Ìbàdàn, ká ní ó rán ìró àti bùbá léèsì fún ìyá ìyàwó kan. Ìyá ti ránṣẹ́ ìdùnnú sí i. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kó kọ sí wọn rèé:

"Ẹ káàárọ̀ ma. Ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run á jẹ́ ká máa fi ayọ̀ pàdé. Ohun tí ẹ sọ lánàá pé àwọn èèyàn ń béèrè ẹni tó rán aṣọ yín dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta, kí n lè fi ìdáhùn yín han àwọn tó bá fẹ́ gbé aṣọ wá. Ẹ lè fi ohùn sọ ọ́ síbí, gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó.

Èkíní: kí ẹ tó gbé léèsì yẹn fún mi, kí ló ń bà yín lẹ́rù?

Èkejì: báwo ló ṣe wá rí, látọjọ́ tí ẹ gbé e wá títí tí ẹ fi wọ̀ ọ́?

Ẹ̀kẹta: bí ọ̀rẹ́ yín kan bá fẹ́ gbé aṣọ fún mi, kí lẹ máa sọ fún un?

Èmi ni màá kọ ọ́ sílẹ̀ ma, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ́kọ́ kà á kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Bí kò bá rọrùn fún yín, kò sí wàhálà rárá."

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Ìkíni ló ṣáájú, torí kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà láìkí i kú ìnáwó. Ẹ̀yìn náà lẹ dá ọ̀rọ̀ tó tẹnu wọn jáde padà fún wọn, kí wọ́n lè rántí pé àwọn ti sọ ìdajì ẹ̀rí náà ná. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Ẹ gba ìwé kíkọ kúrò lọ́rùn wọn, torí ọ̀pọ̀ ìyá tí kò ní í kọ ìlà kan lè fi ohùn sọ ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsinmi. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn sì ṣe pàtàkì: ó ṣílẹ̀kùn fún wọn láti sọ pé rárá láìsí ìtìjú. Àgbà tó bá mọ̀ pé òun lè kọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá àwáwí.

Nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti àkọ́kọ́ ni mi ò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ kúrò. Àwọn kan máa ń sá fún un. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá bi oníbàárà nípa ẹ̀rù, ó máa sọ̀rọ̀ tí kò dáa. Àmọ́ ẹ̀rù tó ba oníbàárà àná náà ló ń ba tọ̀la. Bí ẹni tó ń ka ẹ̀rí bá rí ẹ̀rù tirẹ̀ níbẹ̀, á fara balẹ̀ ka ìyókù. Ẹ má sì béèrè pé, "Ṣé iṣẹ́ mi dára?" Ta ló máa wo ojú yín sọ pé kò dára? "Bẹ́ẹ̀ ni, ó dára" lẹ máa gbà, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe.

Ká ní ìyá náà wá dáhùn, tó fi ohùn ránṣẹ́ báyìí: "Háà, ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé aránṣọ méjì ló ti já mi kulẹ̀ rí? Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí yáàdì márùn-ún péré ni léèsì yẹn, mi ò sì lè rí irú ẹ̀ rà mọ́. Ṣùgbọ́n o ní Ọjọ́bọ̀ lo máa gbé e jáde, Ọjọ́rú lo ti pè mí pé kí n wá wọ̀ ọ́ wò. Apá ẹ̀ há díẹ̀, o tú u níṣojú mi. O tún kó àjákù fún mi, mo ti fi rán aṣọ fún ọmọọmọ mi. Olúwa á bù kún ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé aṣọ fún ẹ kó tètè gbé e wá ṣá o, torí o kì í gba iṣẹ́ kánjúkánjú."

Iṣẹ́ aránṣọ kù báyìí: kó gbọ́ ohùn náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì gé e kúrú. Òfin tó wà níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kún un. Kìkì "o" àti "ẹ" tí ìyá fi ń bá a sọ̀rọ̀ ló máa di "ó" àti "un," kí ẹlòmíì lè kà á. Ohun tó máa jáde rèé:

"Aránṣọ méjì ló ti já mi kulẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí yáàdì márùn-ún péré ni léèsì yẹn, mi ò sì lè rí irú ẹ̀ rà mọ́. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ló máa gbé e jáde, Ọjọ́rú ló ti pè mí pé kí n wá wọ̀ ọ́ wò. Apá ẹ̀ há díẹ̀, ó tú u níṣojú mi. Ó tún kó àjákù fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbé aṣọ fún un kó tètè gbé e wá ṣá o, torí kì í gba iṣẹ́ kánjúkánjú."

Mo mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀pọ̀ aránṣọ á ti máa yún wọn láti pa "apá ẹ̀ há díẹ̀" rẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ o. Ibẹ̀ gan-an ni òǹkàwé ti máa gbà pé èèyàn ẹlẹ́ran-ara ló ń sọ̀rọ̀. Ó tún fi hàn pé bí nǹkan bá ṣì, ẹ ò ní í bá oníbàárà jà, ẹ máa tú u ni. Ẹ fi èyí tó ní kí wọ́n tètè gbé aṣọ wá náà sílẹ̀. Ó máa lé àwọn tó fẹ́ gbé aṣọ wá lóru ọjọ́ Jímọ̀ dà nù, ẹ̀yin náà á sì sinmi.

Lẹ́yìn náà lẹ máa dá a padà fún ìyá, pẹ̀lú ìbéèrè tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ti tó fún: "Ohun tí ẹ sọ rèé ma, mo kàn gé e kúrú ni. Ṣé ó wà bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n fi orúkọ yín sí i, àbí kí n kọ 'Ìyá ìyàwó kan, Ìbàdàn'? Ṣé mo lè fi àwòrán yín sí i?" Ẹ kíyè sí i pé mẹ́ta ni wọ́n. Ẹni tó gbà kí ẹ lo ọ̀rọ̀ òun lè má gbà kí ẹ lo ojú òun. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023, fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ọkàn padà lórí àṣẹ tó ti fún yín. Nítorí náà ẹ tọ́jú ìdáhùn tí wọ́n fún yín. Bí wọ́n bá sì sọ lọ́la pé kí ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́ láìjanpata. Ẹ má kàn ya àwòrán ojú fóònù yín kí ẹ gbé e síta, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ìyá àti iye owó tí ẹ jọ dúnàádúrà.

Bí wọn ò bá wá dáhùn ńkọ́? Ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìránnilétí yẹn kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Bó bá jẹ́ ìbéèrè kejì nìkan ni ẹ ráyè dáhùn, ó tó mi." Bí wọ́n bá tún dákẹ́, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ má pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má sì mẹ́nu bà á nígbà tí wọ́n bá tún gbé aṣọ wá. Oníbàárà tó ń padà wá ti ń jẹ́rìí yín lọ́nà tirẹ̀.

Àwọn kan wà tó máa sọ pé gbogbo èyí ti pọ̀ jù. Wọ́n ní ohun tó rọrùn jù ni kí oníṣẹ́ kọ ẹ̀rí fúnra rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí oníbàárà kàn sọ pé "ó dáa." Mo gbà pé ó rọrùn, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá kọ mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ní. Ìyá àádọ́rin ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì àti ọkọ ìyàwó á máa sọ̀rọ̀ bí ẹnì kan ṣoṣo, òǹkàwé á sì mọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, àgbà tó ń tijú lè sọ pé "ó dáa" sí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ sí kí èèyàn máa hun ẹ̀rí láìsí oníbàárà kankan, kò jìnnà mọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, èyí tó dá lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, kò fàyè gba kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ irọ́ tàbí ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà ta ọjà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dínwó. "Ẹ kọ ẹ̀rí fún mi, màá yọ owó díẹ̀ fún yín lórí aṣọ tó ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ẹ̀rí di ọjà tí ẹ rà. Gúgù pàápàá kò gbà kí oníṣòwò fún èèyàn ní ẹ̀bùn tàbí ẹ̀dínwó nítorí kó lè kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sórí ojú ewé rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún oníbàárà yín lẹ́bùn, ẹ fún un nítorí pé ó jẹ́ oníbàárà yín, yálà ó jẹ́rìí tàbí kò jẹ́rìí.

Nígbà tí ẹ̀rí bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má kàn tò ó jọ bí àlùbọ́sà. Ẹni tó bá pè yín tó ń béèrè pé, "Ṣé ẹ ò ní í já mi kulẹ̀?" ni kí ẹ fi ti ìyá ìyàwó yẹn ránṣẹ́ sí. Ẹni tó ní aṣọ òun kò pọ̀, òun náà ni, torí yáàdì márùn-ún wà níbẹ̀. Ẹyọ kan tó bá ẹ̀rù ẹni tó ń béèrè mu sàn ju ogún tó ń ṣàdúrà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wo inú fóònù yín. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti sọ láìpẹ́ yìí pé àwọn èèyàn ń béèrè yín. Ẹ kí i, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin máa kọ ọ́.